Bí ẹ ṣe lè sọ mẹ́sẹ́èjì "mi ò lè wá o" di ìwé tó ṣe é kó sínú fáìlì òṣìṣẹ́

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù tí fóònù á ti dún, ẹ sì ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹni kan ò lè wá síṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń jókòó nídìí fáìlì òṣìṣẹ́ ló mọ irú àárọ̀ yẹn. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì lèmi wà, l'Ábẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ mi sì ni kí n gba irú mẹ́sẹ́èjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn sùpáfáísọ̀, kí n sọ ọ́ di ìfitónilétí gidi tí máníjà lè fọwọ́ sí, tí ẹni tó ń ṣe owó oṣù lè lò, tí á sì yé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì yẹn lọ́dún méjì sí i láìbéèrè lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ mi, torí òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Obìnrin kan lára àwọn òṣìṣẹ́ wa kọ̀wé pé "ibà ló mú mi, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀." Èmi jókòó, mo fẹ́ kó dà bí ìwé tó ṣe gidi, ni mo bá kọ ọ́ pé ó ní àìsàn malaríà, ó sì ń tọrọ ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Kò sọ malaríà o. Kò sọ mẹ́ta. Nígbà tí ìwé dókítà dé, nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún ni dókítà sì kọ, ẹni tó ń yẹ fáìlì wò wá sọ pé irọ́ ló pa, wọ́n fún un ní kúẹ́rì. Èmi ni mo kọ irọ́ yẹn, kì í ṣe òun. Mo lọ ṣàlàyé, wọ́n sì fa kúẹ́rì yẹn ya, àmọ́ mo rí ojú obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Torí náà ohun tí mo ń tẹ̀lé látìgbà náà ni pé èdè ni mò ń yí padà, mi ò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ sọ ni mo máa kọ, ohun tí kò sọ ni mo máa bi í, tí kò bá sì tíì dáhùn, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ṣì ń retí èsì.

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́sẹ́èjì kan ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì ló fi ránṣẹ́ sí sùpáfáísọ̀ rẹ̀, Wẹ́sìdè 11 Oṣù Kẹfà 2025, agogo mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ:

"Ẹ̀gbọ́n ẹ káàárọ̀ sà, ara mi gbóná látàná mi ò sùn rárá, mi ò lè wá o, mo tún ń lọ ọsibítù báyìí, ẹ dákun ẹ má bínú ẹ bá mi bẹ máníjà, mi ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́, bóyá Fúráìdè ni mo máa padà."

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ́jú mẹ́sẹ́èjì yẹn bó ṣe wà

Kí ẹ tó tún ọ̀rọ̀ kankan kọ, ẹ fi ẹ̀dà mẹ́sẹ́èjì gangan pamọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya skrínṣọ́ọ̀tù, ó dáa, àmọ́ ẹ wo òkè rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá yà á lọ́jọ́ yẹn gan-an, ohun tí wọ́sáàpù máa kọ sókè mẹ́sẹ́èjì ni "Today", kò ní kọ dètì. Lọ́dún tó ń bọ̀ "Today" wo nìyẹn? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà, kí n fi báírò kọ dètì, agogo tó wọlé, ẹni tó gbà á, kí n sì fọwọ́ sí i. Ẹ má ro pé ó ṣì máa wà lórí fóònù náà tí ẹ bá nílò ẹ̀ o, torí àwọn kan ti tan ohun tó ń jẹ́ kí mẹ́sẹ́èjì pa ara rẹ̀ rẹ́, lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí ọjọ́ 7, tàbí ọjọ́ 90, bí ẹni náà bá ṣe yàn án. Mo ti rí i tí sùpáfáísọ̀ ṣí fóònù fún mi tí kò sí nǹkankan níbẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ vóìsì nóòtù ni, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó lò ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè, ẹ kọ orúkọ ẹni tó pè àti ohun tó jẹ́ sí òṣìṣẹ́ náà. Má kọ ọ́ bí ẹni pé òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ohun tó sọ kúrò lára ohun tí ẹ rò pé ó sọ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gangan wà, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé mẹ́sẹ́èjì ọ̀dọ́kùnrin wa yìí síwájú. Ohun tó sọ tó dájú ni pé ara ẹ̀ gbóná láti àná, pé kò lè wá lónìí, pé ó ń lọ sí ọsibítù. Ó tán. Kò sọ àìsàn tó ń ṣe é, kò sọ ọsibítù tó ń lọ, kò sọ iye ọjọ́ tó fẹ́.

"Fúráìdè ni mo máa padà" ńkọ́? Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó máa padà síṣẹ́ ní Fúráìdè ni. Sùpáfáísọ̀ rẹ̀ gan-an ti fi orúkọ ẹ̀ sí róstà Fúráìdè. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀, padà síbo? Ẹni tó ń lọ sí ọsibítù lè padà síṣẹ́, ó sì lè padà sí ọsibítù. Nígbà tí mo bi í, ọsibítù ni o! Wọ́n ti sọ fún un nígbà tó kọ́kọ́ lọ pé kó padà wá ní Fúráìdè kó wá gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ká ní mo kọ "yóò padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì" sínú ìwé, tí wọn ò sì rí i ní Fúráìdè, ó ti di ẹni tó sá níṣẹ́ nìyẹn, láìṣẹ̀ láìrò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa kún fún irú èyí, èdè tó yé wa gan-an nílé ni kì í fẹ́ rọrùn nínú fáìlì. Ẹ wo "ibà." Ibà lè jẹ́ ara gbígbóná lásán, ó lè jẹ́ malaríà, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí dókítà ò tíì mọ̀. Ẹ má túmọ̀ ẹ̀ sí orúkọ àìsàn kankan. Ẹ wo "mo wà ní ọsibítù." Ṣé òun ni ara ẹ̀ ò yá, àbí ó gbé ọmọ lọ, àbí ìyá ẹ̀ ni wọ́n dá dúró síbẹ̀? Ẹ béèrè, torí èsì yẹn máa yí irú ìsinmi tí ẹ máa kọ padà pátápátá, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó máa ń dà wá láàmú jù ni iye ọjọ́. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tó dúró lé mọ́ ọn. "Òní ọjọ́ mẹ́jọ" tí àwọn àgbà ń sọ, ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, torí òní ti wà nínú mẹ́jọ yẹn. Tí Màmá kan tó ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ bá pè ní Mọ́ńdè pé òun máa wọlé lóòní ọjọ́ mẹ́jọ, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló ń wọlé. Akọ̀wé tó bá fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́ mẹ́jọ láti ọ̀la máa kọ Túsìdè, Màmá á dé ní Mọ́ńdè, a ò ní retí rẹ̀, tàbí kí iye ọjọ́ tó lò má bá ara mu mọ́. Bákan náà ni "ìjẹta," ọjọ́ tó ṣáájú àná ni, ọjọ́ méjì sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ta wà lẹ́nu wa. Nínú ìwé, kò gbọ́dọ̀ sí àná, kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀la, kò gbọ́dọ̀ sí ìjẹta. Dètì ni, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ níwájú rẹ̀, kí ọ̀kan lè tú ọ̀kan fó tí ẹ bá ṣàṣìṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi í, àmọ́ ẹ má bi í ju bó ṣe yẹ lọ

Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ o. Má fi fóòmù olójú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè mẹ́rin ló tó mi, gbogbo ẹ̀ nínú mẹ́sẹ́èjì kan, lẹ́yìn tí mo bá ti kí i. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́kùnrin yìí nìyí:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ má dá ara yín láàmú, tí ara bá lélẹ̀ díẹ̀ kí ẹ kàn dá mi lóhùn. Ṣé ẹ̀yin gan-an ni ara yín ò yá? Ṣé dókítà ti rí yín, ṣé ó sì kọ ọjọ́ ìsinmi fún yín, láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo? Fúráìdè tí ẹ sọ yẹn, ṣé ibi iṣẹ́ lẹ máa padà sí? Ṣé ibi iṣẹ́ lẹ ti ṣèṣe ni, àbí àìsàn lásán ni?"

Ẹ rí i pé mi ò bi í pé kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an. Mi ò nílò ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀, ohun tí ẹ ò bá sì nílò kò yẹ kí ẹ gbà. Sùpáfáísọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá òun máa wá ẹlòmíì sídìí iṣẹ́, ẹni tó ń ṣe owó oṣù fẹ́ mọ iye ọjọ́ àti irú ìsinmi. Kò sí èyí tó fẹ́ mọ orúkọ àìsàn nínú àwọn méjèèjì. Ẹ dákun, ẹ má gbé skrínṣọ́ọ̀tù ẹni tí ara ẹ̀ ò yá sórí grúùpù wọ́sáàpù ibi iṣẹ́. Ẹ kàn kọ "kò ní sí nílé iṣẹ́ títí di ọjọ́ báyìí," ó tó.

Agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló dá mi lóhùn. Òun fúnra ẹ̀ ni ara ẹ̀ ò yá, kò ṣèṣe níbi iṣẹ́, dókítà ti rí i, wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti òní, Fúráìdè ló máa padà lọ gba èsì àyẹ̀wò, Sátidé ló máa wọ ibi iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ irú àìwá tó jẹ́

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ bóyá òun fúnra ẹ̀ ni ara ẹ̀ ò yá? Torí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 16, sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 láàárín ọdún kan, láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejìlá, tí kò bá wá nítorí àìsàn tirẹ̀ tí kì í ṣe gbére, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i. Àìsàn tirẹ̀. Tí ọmọ ẹ̀ ni kò yá, abala yẹn ò sọ nípa ẹ̀, ìwé ìlànà iléeṣẹ́ yín ni ẹ máa wò bóyá ààyè wà fún ìtọ́jú ẹbí, tàbí kí ẹ yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdọọdún rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú tó wá kọ àìsàn ọmọ gẹ́gẹ́ bí àìsàn òṣìṣẹ́, ó ti jẹ nínú ọjọ́ 12 ẹni náà láìmọ̀, ó sì ti kó o sínú wàhálà tí ìwé dókítà bá dé tó bá jẹ́ orúkọ ọmọ ló wà níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa òfin yẹn ni pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ń sọ nípa wọn. Máníjà àti àwọn tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ wọn, ohun tó wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ tiwọn ni ẹ máa wò. Iléeṣẹ́ sì lè fún èèyàn ju 12 lọ, kò kàn lè dín in kù fún àwọn tí òfin náà kàn.

Ẹni tó bá ṣèṣe níbi iṣẹ́ ló yàtọ̀ jù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Wọ́n lè kọ̀wé sí yín pé "ọwọ́ mi ń dùn mí mi ò lè wá," kí ẹ fẹ́ kọ àìsàn, kó wá jẹ́ pé páànù búrẹ́dì gbígbóná ló jó o lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ti kúrò ní ìfitónilétí àìsàn. Òfin ẹ̀san fún òṣìṣẹ́, ti 2010, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó iléeṣẹ́ létí, iléeṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Ìwé mìíràn ló máa lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá kàn kọ "àìsàn" tí ẹ sì pa á dé, ẹ lè ti ba ẹ̀san ẹni náà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ ọ́

Níbi tiwa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé inú fáìlì máa ń jẹ́, àmọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ò yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé gbogbo wa. Bí ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣe rí nìyí:

> ÌFITÓNILÉTÍ ÀÌWÁ SÍ ẸNU IṢẸ́
>
> Orúkọ òṣìṣẹ́: (orúkọ kíkún, bó ṣe wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́)
> Nọ́ńbà òṣìṣẹ́: (bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà)
> Ẹ̀ka: Ìdìpọ̀ búrẹ́dì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀
>
> Òṣìṣẹ́ tí a dárúkọ sókè yìí fi tó sùpáfáísọ̀ rẹ̀ létí lórí wọ́sáàpù, ní Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà 2025, agogo 5:52 àárọ̀, pé òun kò ní lè wá sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà nítorí àìlera ara òun, àti pé òun ń lọ sí ilé ìwòsàn.
>
> Ní agogo 11:20 àárọ̀ ọjọ́ kan náà, ó sọ fún ọ́fíìsì yìí pé dókítà ti fún òun ní ìsinmi láti Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà, títí di ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà 2025.
>
> Irú àìwá: Àìsàn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìjàǹbá ibi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe sọ.
> Ọjọ́ tí ó retí láti padà sí ẹnu iṣẹ́: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà 2025
> Iye ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kàn: 2
> Ìwé dókítà: Kò tíì dé ọ́fíìsì. A ń retí rẹ̀ ní 14 Oṣù Kẹfà 2025.
>
> Àfikún: Ẹ̀dà mẹ́sẹ́èjì òṣìṣẹ́, ojú ewé kan.

Ẹ fi í wé mẹ́sẹ́èjì àkọ́kọ́, kí ẹ wo ohun tí mo fi sílẹ̀. "Ẹ má bínú" ò sí níbẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ máníjà" ò sí níbẹ̀. "Mi ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́" ò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọlúàbí ni ọmọ yẹn, Yorùbá ni, bó ṣe yẹ kó bá àgbà sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gbé e sínú ìwé pé "òṣìṣẹ́ tọrọ àforíjì, ó sì ṣèlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la máa rò pé ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ta ló lè ṣèlérí pé ara òun ò ní gbóná mọ́? Tó bá wá tún ṣàìsàn lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n máa ní ó ti yẹ àdéhùn. Ọ̀wọ̀ tó fún wa wà nínú ẹ̀dà mẹ́sẹ́èjì tí a so mọ́ ọn, kò sọnù.

Ẹ tún wo bí mo ṣe kọ "gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe sọ," àti "ó sọ fún ọ́fíìsì yìí pé." Mi ò sí níwájú dókítà. Mi ò lè kọ ọ́ bí ẹni pé mo rí i. Mi ò sì kọ "ó ní òun ń ṣàìsàn" bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó sọ ọ́, mo kọ ọ́, ìwé dókítà á sọ ìyókù.

Iye ọjọ́ iṣẹ́, méjì, ẹ máa ní dókítà ṣe bí ó kọ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ 12 Oṣù Kẹfà wà láàárín, ọjọ́ ìjọba àwaarawa, ọlidé gbogbo ìlú, a ò sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni òfin sọ, kò sọ ọjọ́ kàlẹ́ńdà. Torí náà Wẹ́sìdè àti Fúráìdè ni ó kàn. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ti lo ọjọ́ 3 tẹ́lẹ̀ lọ́dún yẹn, tí a bá fi 2 kún un ó di 5, ó ku 7 nínú 12. Ká ní mo ka mẹ́ta, 6 ló máa kù fún un, a ti jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan nìyẹn, kò sì ní mọ̀ títí di ìgbà tí ara ẹ̀ ò bá yá gan-an ní Oṣù Kejìlá. Tí iléeṣẹ́ yín bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé tí orúkọ ẹni náà sì ti wà lórí róstà ọjọ́ yẹn, ẹ bi ẹni tó ń ṣe owó oṣù kí ẹ tó kọ iye kankan. Sọ́ńdè náà bẹ́ẹ̀, fún àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i kó tó wọ fáìlì

Ẹ má fojú fo èyí, ẹ jọ̀ọ́. Ká ní mo ti ń ṣe é lọ́dún tí mo sọ yẹn, kúẹ́rì ò ní sí. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, kí ẹ ní kó kà á, kó dá yín lóhùn pé ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kó sọ ibi tí kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tí kò lè kàwé dáadáa, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ kà á fún un ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, dètì lẹ́yìn dètì, kí ẹ sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé "a kà á fún òṣìṣẹ́ lórí fóònù ní agogo báyìí, ó ní ó rí bẹ́ẹ̀." Tó bá padà dé, kó fọwọ́ sí i. Tí ara ẹ̀ ò bá gbà á láti dáhùn, ẹ kọ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ò tíì rí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi máa rí i. Kò burú kí ìwé ní àlàfo. Ohun tó burú ni kí ẹ fi ohun tí ẹ rò dí i.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí ìwé dókítà bá dé

Ó wọlé ní Sátidé, ó mú ìwé dání láti ọsibítù ìjọba n'Ìjàyè. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa ń yẹ gbogbo wọn wò: ṣé orúkọ ẹ̀ ni, ọjọ́ wo ni dókítà rí i, ìsinmi láti ọjọ́ wo dé ọjọ́ wo, ṣé orúkọ dókítà, ọwọ́ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ọsibítù wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísí ò tó fún abala 16, kódà tó bá ní òǹtẹ̀, torí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ ni òfin sọ. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá ti pè, ẹ má dúró kó ná owó ẹ̀ tán sí kẹ́mísí l'Áṣẹ́rò tàbí Láfẹ́nwá kó tó mọ̀ pé kò ní ìwé tí a lè lò.

Tiẹ̀ bá ohun tí mo kọ mu. Tí kò bá bá a mu ńkọ́? Ká ní dókítà kọ ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má pa ìfitónilétí àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ kọ àfikún kúkúrú sórí pépà mìíràn, pẹ̀lú dètì ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, pé ìwé dókítà tó dé sọ pé ìsinmi dé ọjọ́ báyìí, iye ọjọ́ iṣẹ́ sì ti di báyìí, kí ẹ so ó mọ́ èkíní. Ìfitónilétí jẹ́ ohun tí a mọ̀ ní Wẹ́sìdè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé a ò tíì mọ ohun tí a wá mọ̀ ní Sátidé, àmọ́ tí a bá tún ti Wẹ́sìdè kọ, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé a ní ohun tí a fẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Ìwé dókítà gan-an, inú àpòòwé tí mo lẹ̀ pa ni mo máa ń fi sí, sí dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, torí orúkọ àìsàn máa ń wà níbẹ̀ nígbà míì. Inú fáìlì gbogbogbòò tí máníjà àti sùpáfáísọ̀ lè ṣí, ìfitónilétí nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan tí mo fi kún ìsàlẹ̀: "Ìwé dókítà dé ní 14 Oṣù Kẹfà 2025, ó jẹ́rìí sí ìsinmi láti 11 sí 13 Oṣù Kẹfà. Ó wà nípamọ́ lọ́tọ̀." Lẹ́yìn náà ni mo ṣí rẹ́jísítà, mo kọ 2 sí abẹ́ àìsàn, mo kọ 7 sí ohun tó kù, mo sì pe ọ̀dọ́kùnrin náà kó wá fi ojú ara ẹ̀ rí i kó tó padà sídìí búrẹ́dì ẹ̀.